Owó-ìrànwọ́ ti wọ báńkì, ṣé ó ti di tiwa? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn akápò ẹgbẹ́ nílẹ̀ Òkun

Òkun o. Ìwé ìṣirò àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kéékèèké ni mò ń bá wọn tọ́jú, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ibi yòówù kí n dé, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bá níbẹ̀: owó tí olùrànlọ́wọ́ fi ránṣẹ́ fún iṣẹ́ kan pàtó, ìgbà wo ni ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di ti ẹgbẹ́? Ohun tí mo máa ń fẹnu sọ fún wọn ni mo kọ síbí. Èmi ni mo to iye owó inú àpẹẹrẹ kànga ẹ̀rọ tí ẹ ó kà nísàlẹ̀, kí ìṣirò rẹ̀ lè rọrùn. Kì í ṣe ìwé ẹgbẹ́ kankan ni mo tú síta.

Owó ti wọ akáǹtì wa. Kí ló tún kù tí a kò fi lè pè é ní owó tó wọlé?

Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń fa àríyànjiyàn yìí. Tí a bá ní "owó wọlé", ohun méjì la ń sọ pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé owó dé ọwọ́ wa. Èkejì ni pé a ti ṣiṣẹ́ tó bá a mu, kò sẹ́ni tó tún lè gbà á lọ́wọ́ wa. Lọ́jà, ojú ẹsẹ̀ kan náà ni méjèèjì máa ń ṣẹlẹ̀: o gbé iṣu, o san owó, ọ̀rọ̀ parí. Nínú owó-ìrànwọ́, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàárín wọn.

Ẹ wo alájọ. Lójoojúmọ́ ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà, ìgbà mìíràn owó tó wà nínú àpò rẹ̀ lálẹ́ ju ti oníṣòwò tó tóbi jù lọ́jà náà lọ. Kò sẹ́ni tó máa ní alájọ lówó. Gbogbo wa mọ̀ pé gbèsè ló ń kó kiri, àti pé owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, ìyẹn ti ọjọ́ kan nínú oṣù, ni tirẹ̀. Bí owó-ìrànwọ́ tó ní májẹ̀mú ṣe rí nìyẹn ní ọjọ́ tó wọ báńkì. Owó wà, gbèsè náà sì wà, ó bá a dọ́gba.

Nítorí náà, mo ti fi ọ̀rọ̀ náà "owó wọlé" sílẹ̀ tí mo bá ń bá akápò sọ̀rọ̀. "Owó dé" ni mo ń sọ fún èyí tó kan báńkì, "owó di tiwa" fún èyí tó kan ìwé ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká lo méjèèjì bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ ní kànga nìkan ni ká fi owó náà gbẹ́. Ṣé ìyẹn kò ti tó láti sọ ọ́ di gbèsè?

Kò tó. Ibí ni ọ̀pọ̀ akápò ti ń ṣìnà, kódà mo ti rí akáńtáǹtì tó ní ìwé ẹ̀rí tó ṣìnà níbẹ̀.

Ohun méjì ni olùrànlọ́wọ́ lè so mọ́ owó rẹ̀. Ọ̀kan ni mo ń pè ní ààlà: kànga nìkan, tàbí Ìyàgbà nìkan, tàbí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ààlà ń sọ ibi tí owó lè lọ. Èkejì ni májẹ̀mú: ẹ ṣe báyìí, kó yọrí báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ dá owó mi padà. Májẹ̀mú ń sọ bóyá owó náà yóò tilẹ̀ jẹ́ tiyín rárá.

Owó tó ní ààlà ṣùgbọ́n tí kò ní májẹ̀mú di tiyín lọ́jọ́ tí ẹ̀tọ́ yín lórí rẹ̀ bá ti dájú. Ká ní ọmọ ìlú kan tó wà l'Ékòó fi ₦2,000,000 ránṣẹ́ ní oṣù kọkànlá pé kí ẹ fi ṣe àga àti tábìlì fún iléèwé. Kò sọ iye àga, kò sọ ọjọ́, kò sì sọ pé òun máa gbà á padà. Gbogbo mílíọ̀nù méjèèjì di tiyín ní oṣù kọkànlá, ì báà jẹ́ pé káfíńtà kò tíì gé pákó kan. Ohun tí ààlà ṣe ni pé ó fi owó náà sínú àpótí tirẹ̀ nínú ìwé yín, ní ọ̀tọ̀ sí owó tí ẹ lè fi san owó iná tàbí owó ọkọ̀. Mo mọ̀ pé èyí ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé owó àyàsọ́tọ̀ ni owó tí kò tíì di tiwa. Owó àyàsọ́tọ̀ lè jẹ́ tiwa pátápátá.

Májẹ̀mú nìkan ló ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn.

Báwo la ṣe máa mọ májẹ̀mú nínú lẹ́tà? Kì í ṣe gbogbo wọn ló kọ ọ́ gbangba.

Ẹ má wá ọ̀rọ̀ náà, ẹ wá ohun méjì tó gbọ́dọ̀ wà pọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ìdènà kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fò kọjá, tí a lè fi ojú rí pé ẹ fò ó tàbí ẹ kò fò ó? Iye kànga, iye ọmọ tí wọ́n kọ́, ìwé tí ará ìlú fọwọ́ sí. Èkejì, tí ẹ kò bá fò ó, ṣé olùrànlọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó padà, tàbí láti má san èyí tó kù? Tí ọ̀kan bá sọnù nínú méjèèjì, ó ṣòro láti pè é ní májẹ̀mú.

Ìlà kan tó ń tan èèyàn jẹ ni "ẹ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta." Ètò ọ́fíìsì lásán nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ ṣe é, olùrànlọ́wọ́ sì lè bínú tí ẹ kò bá ṣe é, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún yín lówó. Òmíràn ni "kí a lo owó náà dáadáa." Kò sí ẹni tó lè fi tépù wọn "dáadáa".

Ìlà tó máa ń jẹ́ májẹ̀mú tòótọ́ sábà máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn lẹ́tà, níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa fífi òpin sí àdéhùn. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Tí mo bá rí "iye tí a kò bá fi ṣe iṣẹ́ tó yọrí, a ó dá a padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́," mo ti mọ ibi tí à ń lọ.

Ìlànà wo lẹ ń tẹ̀ lé? Ọ́dítọ̀ wa ní bí a bá ṣe ń ná an ni ká máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú yín, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń kà. Ìlànà ìṣirò àgbáyé fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, èyí tí Nàìjíríà ti ń lò láti 2014, sọ ọ́ ní orí 24 rẹ̀: owó-ìrànwọ́ tí kò ní májẹ̀mú iṣẹ́ di tiwa nígbà tó bá tọ́ sí wa láti gbà, èyí tó ní i di tiwa nígbà tí májẹ̀mú bá ṣẹ, owó tó bá dé ṣáájú ìgbà náà, gbèsè ni. Owó-ìrànwọ́ ìjọba ni orí náà ń sọ, ṣùgbọ́n níbi tí ìlànà kò bá ti sọ nǹkan kan ní tààrà, ó fàyè gbà wá láti wo ibi tó ti sọ nípa ohun tó jọ ọ́. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń mú un bá owó olùrànlọ́wọ́ aládàáni mu nìyẹn.

Ìlànà àgbáyé ńlá, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín ń lò, gba ọ̀nà mìíràn nínú ìlànà rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 20: bí ìnáwó tí owó-ìrànwọ́ wá dí bá ṣe ń wọ ìwé ni owó náà ń tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ọ́dítọ̀ yín ti mú tirẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà ń lo òfin tiwọn tí wọ́n tún ṣe ní 2018, ìdènà àti ẹ̀tọ́ ìgbàpadà tí mo sọ lókè sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé ìwé ìṣirò yín, kí ẹ sì máa lò ó lọ́dọọdún. Ọdún tí ẹ bá ń fo látorí èyí sórí ìyẹn nítorí pé ó mú ìwé dára lójú ni ọ́dítọ̀ máa ń mú yín. Orí 24 ni màá máa lò dé ìparí níbí.

Ẹ fi iye owó ṣe é fún wa, ká rí i.

Ó dáa. Ẹgbẹ́ kan ní Ìlà Oòrùn Ìyàgbà gba ₦18,000,000 ní 9 oṣù kẹwàá 2023 láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà náà ní ₦3,000,000 ni ti kànga kọ̀ọ̀kan, àti pé kànga kan "yọrí" nígbà tí omi bá jáde, tí wọ́n ti yẹ omi náà wò, tí ìgbìmọ̀ abúlé sì ti fọwọ́ sí ìwé ìgbàṣẹ́. Owó kànga tí kò bá yọrí, dídá padà ni. Ọdún ìṣirò wọn parí ní 31 oṣù kejìlá.

Ọjọ́ tí owó dé, ìlà méjì péré ni wọ́n kọ. Dẹ́bíìtì báńkì ₦18,000,000. Kírẹ́díìtì gbèsè owó-ìrànwọ́ ₦18,000,000. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó kan ojú ìwé owó tó di tiwa.

Kí ọdún tó parí, nǹkan mẹ́rin ṣẹlẹ̀. Kànga kìíní yọrí ní 21 oṣù kọkànlá, ó ná wọn ní ₦2,700,000. Èkejì yọrí ní 14 oṣù kejìlá, ó ná wọn ní ₦3,200,000, torí pé ojú ọ̀nà kò dára, ọkọ̀ agbẹ́kàǹga sì gba owó kún owó. Ìkẹta, wọ́n gbẹ́ ẹ dé àádọ́rin mítà, àpáta ni wọ́n ń bá, omi kò sun. ₦1,600,000 ti lọ síbẹ̀. Fún ìkẹrin, wọ́n ti san ₦900,000 sílẹ̀ fún oníṣòwò páńẹ́ẹ̀lì oòrùn, kò sì tíì kó ọjà wá.

Mélòó ló di tiwọn ní 2023? Kànga méjì ló ti kọjá ìdènà, nítorí náà ₦6,000,000. Wọ́n kọ ọ́ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: dẹ́bíìtì gbèsè owó-ìrànwọ́, kírẹ́díìtì owó-ìrànwọ́ tó di tiwa. Gbèsè tó kù ní ìparí ọdún jẹ́ ₦12,000,000.

Ìnáwó ọdún náà jẹ́ ₦7,500,000, ìyẹn ₦2,700,000, ₦3,200,000 àti ₦1,600,000 ti ihò gbígbẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ₦900,000 ti páńẹ́ẹ̀lì kò sí níbẹ̀. Owó tí ẹ san sílẹ̀ fún ọjà tí kò tíì dé kì í ṣe ìnáwó, ohun ìní ni. Oníṣòwò ló jẹ yín lọ́jà. Kànga tó yọrí sì jẹ́ ìnáwó nítorí pé abúlé ló ni ín, ẹgbẹ́ kò ní i lára dúkìá rẹ̀.

Àbájáde rẹ̀: ₦6,000,000 tó di tiwọn, ₦7,500,000 tí wọ́n ná, àdánù ₦1,500,000. Ẹ fi ohun tó wà nílẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Báńkì ku ₦9,600,000, owó tí wọ́n san sílẹ̀ ₦900,000, àpapọ̀ ₦10,500,000. Gbèsè ₦12,000,000. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni ₦1,500,000 yẹn gẹ́lẹ́. Ìwé náà ń sọ òtítọ́: bí olùrànlọ́wọ́ bá ní kí ẹ kó owó òun dé lónìí, ẹ kò ní i pé.

Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kí ojú ìwé kan máa bá wọn ṣe ìṣirò yìí. Ẹ kọ kànga mẹ́fà sí ìlà mẹ́fà, láti ìlà kejì dé ìkeje, kí ọjọ́ ìfọwọ́sí ìwé ìgbàṣẹ́ wà ní òpó E, kí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo tí kò bá tíì sí. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ èyí:

```
=COUNTIF(E2:E7,"<="&DATE(2023,12,31))*3000000
```

Ohun tó máa gbé jáde ni 6000000. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò béèrè iye tí ẹ ná. Ọjọ́ ìfọwọ́sí nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n owó tó jáde nínú báńkì jẹ́ ₦8,400,000. Ṣé kò yẹ kí iye yẹn ti di tiwa?

Ìbéèrè tí bàbá alága máa ń béèrè nìyí, pẹ̀lú ohùn gíga. Rárá, sà. Lẹ́tà yìí kò ní "ẹ ná an, yóò di tiyín." Ó ní "ẹ fún abúlé lómi, yóò di tiyín." Ẹ lè ná mílíọ̀nù mẹ́wàá sórí ihò tí kò lómi, kò sì ní sí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lára gbèsè yín. Bákan náà, ẹ ná ₦2,700,000 sórí kànga kìíní, ₦3,000,000 ló sì di tiyín. ₦300,000 tó ṣẹ́ kù kì í ṣe olè, iṣẹ́ ló sọ ọ́ di tiyín, àyàfi tí lẹ́tà bá sọ pé kí ẹ dá àjẹkù padà.

Lẹ́tà mìíràn wà tí ìnáwó gan-an jẹ́ májẹ̀mú rẹ̀: "a ó san owó padà fún ìnáwó tó bá bá bájẹ́ẹ̀tì mu." Fún irú ìyẹn, alága jàre. Bí ẹ bá ti ná an lọ́nà tó tọ́, tí risíìtì sì wà, iye yẹn di tiyín. Ìdí nìyí tí mo fi ń ka lẹ́tà kí n tó wo lẹ́jà.

Ihò gbígbẹ yẹn ń dùn wá. Ṣé a kò lè fi ₦1,600,000 rẹ̀ pamọ́ sí ibì kan títí a ó fi rí omi?

Mo mọ bó ṣe ń dùn tó. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé orí àpáta àtayébáyé la jókòó sí. Inú erùpẹ̀ àpáta tó ti jẹrà àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi wà, ọkọ̀ agbẹ́kàǹga sì lè gbẹ́lẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀ sí ojú sísán náà kó má bá a. Mo ti dúró létí ihò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ń fẹ́ ìyẹ̀fun eérú jáde, funfun bí elùbọ́ iṣu tútù, gbogbo abúlé ń wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun yẹn kò di ẹrẹ̀ títí tí wọ́n fi pa ẹ̀rọ.

Nínú ìwé ìṣirò, ihò tí kò ní í ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́ kì í ṣe ohun ìní. Ẹ kò lè tà á, ẹ kò lè lò ó, kò sì ní bí owó fún yín. Ìnáwó ọdún tí ẹ gbẹ́ ẹ ni. Akápò tó bá kọ ọ́ sábẹ́ "iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́" ń fi ewé bo ẹ̀gún ni. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò gún.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni ọ̀rọ̀ àdéhùn, ṣáájú ìfọwọ́sí. Kí ẹ bá olùrànlọ́wọ́ sọ ọ́ pé tí ihò kan bá gbẹ, pẹ̀lú ìwé ayẹ̀lẹ̀wò tí ẹ ti ṣe ṣáájú àti àkọsílẹ̀ agbẹ́kàǹga, kí owó rẹ̀ wà lára iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà. Àwọn ẹgbẹ́ wa ni kì í béèrè, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé owó lè bọ́.

Olùrànlọ́wọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní oṣù kejì 2024 pé òun gba ihò gbígbẹ náà. Ṣé ká padà lọ tún ìwé 2023 ṣe?

Ẹ fi 2023 sílẹ̀. Ní 31 oṣù kejìlá, májẹ̀mú àtijọ́ ló wà lórí tábìlì, ihò náà kò sì bá a mu. Lẹ́tà oṣù kejì jẹ́ nǹkan tuntun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Kò sọ fún wa bí nǹkan ṣe rí ní ìparí ọdún, ó yí i padà ni. Tí iye náà bá tóbi tó láti yí èrò ẹni tó ń ka ìwé padà, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sínú àlàyé ìwé 2023, tí ìwé náà kò bá tíì jáde. Ìṣirò fúnra rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀.

Ká ní lẹ́tà náà sọ pé òun gba ₦1,600,000 fún ihò náà, kí ẹ dá ₦1,400,000 tó kù nínú owó kànga ìkẹta padà. Ní 2024, wọ́n parí kànga mẹ́ta yòókù, gbogbo wọn sun omi. Ohun tó di tiwọn lọ́dún náà ni ₦9,000,000 àti ₦1,600,000, àpapọ̀ ₦10,600,000. Wọ́n fi ₦1,400,000 ránṣẹ́ padà, dẹ́bíìtì gbèsè, kírẹ́díìtì báńkì. Gbèsè ₦12,000,000 tán pátápátá.

Ẹ óò rí i pé owó ihò náà di tiwọn ní 2024 nígbà tí ìnáwó rẹ̀ ti wà ní 2023. Ìwé 2023 burú ju bó ṣe yẹ lọ, ìwé 2024 sì dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń bí àwọn kan nínú. Èmi gan-an kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kó tó di pé wọ́n rí àjẹkù 2024, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pín in lẹ́nu.

Omi jáde nínú kànga ní 28 oṣù kejìlá, àmọ́ ìgbìmọ̀ abúlé kò fọwọ́ sí ìwé títí di 4 oṣù kìíní. Ọdún wo ni?

Májẹ̀mú ní ìfọwọ́sí, nítorí náà ọdún tuntun ni. Màmá akápò kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé a kò kàn lè kọ 28 sórí ìwé náà ni? Àwọn bàbá wà nílé fún Kérésìmesì." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é." Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni mímọ́. Ìwé ìgbàṣẹ́ ni ọ́dítọ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè, ìwé àyẹ̀wò omi láti ilé àyẹ̀wò ni yóò sì béèrè tẹ̀ lé e, ìyẹn kì í sì í wá láti abúlé. Tí ọjọ́ orí ìwé àyẹ̀wò bá jẹ́ 3 oṣù kìíní, tí abúlé sì ti fọwọ́ sí i ní 28 oṣù kejìlá pé wọ́n ti yẹ omi wò, irọ́ ti jáde. Ìwé kan bẹ́ẹ̀ á sì mú kí ọ́dítọ̀ tún gbogbo yòókù wò.

Ẹ ṣètò rẹ̀ kó tó pẹ́ dípò ìyẹn. Oṣù kejìlá ni gbogbo ará ìlú ń wálé, òun náà ló sì ṣòro jù láti rí ìgbìmọ̀ kó jókòó fún wákàtí kan. Ẹ mú ìwé ìgbàṣẹ́ dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dán omi wò. Àwọn ìwé tó dára jù tí mo ti rí ni èyí tí àtẹ̀ka bàbá kan wà lórí rẹ̀, tí ẹrẹ̀ pupa kànga náà ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

Owó àga iléèwé tí ẹ sọ lókè mú kí ìwé wa fi àjẹkù ₦2,000,000 hàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń béèrè pé níbo lowó wà.

Wọn kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí òpó kan. Ẹ pín ojú ìwé sí òpó méjì, ọ̀kan fún owó tí kò ní ààlà, ọ̀kan fún owó àyàsọ́tọ̀, kí ẹ tó ṣe àpapọ̀. Wọ́n á rí i fúnra wọn pé òpó àkọ́kọ́ kò fi àjẹkù kankan hàn, àti pé mílíọ̀nù méjì náà wà ní òpó kejì, ó ń dúró de káfíńtà. Mo ti wà ní ìpàdé kan ní Kàbà tí ariwo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn, òpó kejì yìí nìkan ló pa á.

Báwo la ṣe lè mọ̀ tí nǹkan bá ti ń bàjẹ́ kó tó di ìparí ọdún?

Lóṣooṣù, ẹ kó owó báńkì iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ owó tí ẹ san sílẹ̀ fún ọjà tí kò tíì dé, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gbèsè owó-ìrànwọ́. Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì yọrí lè fa àlàfo fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn ní àlàyé, ẹ lè fọwọ́ tọ́ka sí ihò rẹ̀. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni àlàfo tí kò ní ihò kankan. Nígbà púpọ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí owó ilé ọ́fíìsì ni wọ́n ti "yá" nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dúró de owó-ìrànwọ́ mìíràn láti fi dí i. Kò sí lẹ́jà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpótí gbogbogbòò jẹ àpótí kànga ní gbèsè, kí ẹ kọ iye rẹ̀, kí ẹ sì fi han ìgbìmọ̀ lóṣù yẹn gan-an.

Bó bá jẹ́ pé a ti parí iṣẹ́ ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ kò tíì sanwó ńkọ́?

Ó di tiyín lọ́jọ́ tí májẹ̀mú ṣẹ. Dẹ́bíìtì ẹni tó jẹ wá lówó, kírẹ́díìtì owó-ìrànwọ́ tó di tiwa. Nígbà tí owó bá wá dé, báńkì ni ẹ ó dẹ́bíìtì, ẹ ó sì pa orúkọ olùrànlọ́wọ́ rẹ́ lára àwọn ajigbèsè. Ẹ má tún kọ ọ́ sí owó tó di tiwa lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti bá a bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mẹ́ta.

Èlé tí báńkì san lórí owó náà, ta ló ni ín?

Lẹ́tà ló máa sọ. Àwọn olùrànlọ́wọ́ kan ní kí ẹ fi kún iṣẹ́, àwọn kan ní kí ẹ dá a padà. Tí lẹ́tà bá dákẹ́, ẹ kọ̀wé bi wọ́n léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi èsì wọn sínú fáìlì pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́.